Òbìrìkìtì Karùn-ún

Ohun tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń pè ní álígọ́rídímù kò ju ètò ìgbésẹ̀ lọ, ìyẹn ni pé kí a to ohun tí a fẹ́ ṣe kalẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, láìfo ìkankan, débi pé ẹni tí kò mọ ìdí ọ̀rọ̀ rárá lè tẹ̀lé e kí ó sì débi tí ẹni tí ó tò ó ń lọ. Kọ̀ǹpútà gan-an ni ẹni tí kò mọ ìdí ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n kò di dandan kí kọ̀ǹpútà wà nítòsí kí ọmọdé tó mọ bí a ṣe ń to ìgbésẹ̀, nítorí pé ọmọ tí a rán níṣẹ́, tí ó ṣe gẹ́lẹ́ ohun tí a fẹnu sọ, tí kò ṣe ohun tí ó wà lọ́kàn ẹni, ti ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tán. Orí èrò yìí ni Tim Bell, Ian Witten àti Mike Fellows gbé àwọn eré ìkọ́ni wọn lé ní àwọn ọdún 1990, tí wọ́n sì kó wọn jọ sínú ìwé kan ní 1998. Nígbà náà, Bell ń kọ́ni ní Yunifásítì Canterbury, ní ìlú Christchurch, lórílẹ̀-èdè Niu Silandi. Nínú àwọn eré náà, káàdì, okùn, ṣọ́ọ̀kì àti ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ni ó ń ṣe iṣẹ́ tí wáyà ń ṣe nínú ẹ̀rọ.

Ọ̀kan tí ó gbajúmọ̀ nínú wọn ni èyí tí a ó máa pè ní àwọ̀n ìtò níhìn-ín, tí í ṣe àwòrán ńlá tí a fà sórí ilẹ̀ gbalasa, tí àwọn ọmọ tí nọ́ńbà wà lọ́wọ́ wọn ń gba inú rẹ̀ kọjá láti etí kan dé èkejì, tí ó fi jẹ́ pé bí ó ti wù kí wọ́n dàrú tó nígbà tí wọ́n wọlé, nọ́ńbà wọn yóò ti tò láti kékeré dé ńlá nígbà tí wọ́n bá jáde. Ibi tí ilà méjì bá ti pàdé ni a ń fa òbìrìkìtì sí. Ọmọ méjì yóò dúró nínú rẹ̀, wọn yóò fi nọ́ńbà han ara wọn, ẹni tí tirẹ̀ kéré yóò gba ilà òsì jáde, ẹni tí tirẹ̀ pọ̀ yóò gba ilà ọ̀tún. Fún ọmọ mẹ́fà, òbìrìkìtì 12 ni a ń lò. Fún ọmọ mẹ́rin, márùn-ún ti tó. Nínú àwọ̀n olómọ mẹ́rin yìí, ẹni kìíní àti ẹni kejì ń pàdé ní òbìrìkìtì kìíní, ẹni kẹta àti ẹni kẹrin ń pàdé ní èkejì, lẹ́yìn náà ni àwọn méjì tí nọ́ńbà wọn kéré níbẹ̀ yóò pàdé ní òbìrìkìtì kẹta tí ó wà létí òsì, tí àwọn méjì tí tiwọn pọ̀ yóò sì pàdé ní ẹ̀kẹrin tí ó wà létí ọ̀tún. Ẹni tí ó bá gba òsì jáde ní ẹ̀kẹta ni ó kéré jù nínú gbogbo wọn, ẹni tí ó bá gba ọ̀tún jáde ní ẹ̀kẹrin ni ó pọ̀ jù, iṣẹ́ àwọn méjèèjì sì ti parí. Àwọn méjì tí ó ṣẹ́kù yóò wá pàdé láàárín, ní òbìrìkìtì karùn-ún.

Olùkọ́ tí ó ń kọ àròkọ yìí ni ó gbé eré náà lọ fún àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, ó sì yẹ kí òǹkàwé mọ̀ ṣáájú pé nínú gbogbo àṣìṣe tí ó wáyé níbẹ̀, kò sí ẹyọ kan tí ó ti ọwọ́ àwọn ọmọ wá. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ òsì àti ọ̀tún. Olùkọ́ náà kọjú sí àwọn ọmọ, ó na ọwọ́ òsì rẹ̀ sí afẹ́fẹ́, ó ní ibí ni kí ẹni tí ó kéré máa gbà, láìrántí pé ẹni tí a bá kọjú sí, ọwọ́ òsì tiwa ni ó wà níhà ọ̀tún tirẹ̀. Àwọn ọmọ kan tẹ̀lé ọwọ́ olùkọ́, àwọn kan tẹ̀lé ọwọ́ ara wọn, iwájú orí méjì sì kọlu ara wọn gbàù nínú òbìrìkìtì kejì, kí ẹnikẹ́ni tó mọ nọ́ńbà tí ó ju èkejì lọ. Ohun tí ó yẹ kí a ti ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ rọrùn: igi máńgòrò kan wà ní ẹ̀gbẹ́ kan ọgbà náà, kànga sì wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì, bí a bá sì sọ pé kí kékeré gba ìhà máńgòrò, kí ńlá gba ìhà kànga, kò sí bí olùkọ́ ṣe lè kọjú tàbí kẹ̀yìn tí òfin náà yóò fi yí padà.

Àṣìṣe kejì ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí pé ọ̀mọ̀wé ṣíṣe ni ó fà á. Olùkọ́ náà rò pé káàdì onínọ́ńbà kò ní adùn tó, ó sì pàṣẹ pé ọjọ́ orí ni kí àwọn ọmọ fi wé ara wọn, kí àbúrò gba ìhà máńgòrò, kí ẹ̀gbọ́n gba ìhà kànga. Àwọn ìbejì méjì tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ pàdé nínú òbìrìkìtì kìíní, wọn kò sì jáde níbẹ̀ mọ́. Táíwò ní òun ni òun kọ́kọ́ dé ayé, nítorí náà kànga ni ọ̀nà òun. Kẹ́hìndé fèsì pé òun ni òun rán an pé kí ó lọ tọ́ ayé wò wá, pé a kì í rán ẹ̀gbọ́n níṣẹ́. Kíláàsì pín sí méjì, àwọn ọmọ méjì tí ó wà lẹ́yìn dúró títí ẹsẹ̀ fi ń ro wọ́n, ìyá tí ń ta oúnjẹ lábẹ́ máńgòrò sì dá sí ọ̀rọ̀ náà, ó gbè sẹ́yìn Kẹ́hìndé. Ohun tí eré náà nílò, tí olùkọ́ kò pèsè, ni ìbéèrè tí gbogbo ènìyàn lè dáhùn bákan náà, àti òfin fún ẹni méjì tí ó bá dọ́gba, tí kò ju pé kí olúkúlùkù wọn gba ilà ẹ̀gbẹ́ tí ó ti wọlé jáde. Kò sí ewu nínú èyí, nítorí pé bí nọ́ńbà méjì bá dọ́gba, èyíkéyìí tí ó bá ṣíwájú, títò náà pé.

Káàdì padà wá, nọ́ńbà kìíní dé ẹ̀kẹrin ni ó sì wà lórí wọn. Ní ọjọ́ kẹta, òjò ti fọ àwòrán ti tẹ́lẹ̀ nù, ṣọ́ọ̀kì kì í sì í dúró lórí erùpẹ̀, ni olùkọ́ náà bá gba eérú lọ́wọ́ olóúnjẹ, ó fi tún àwọ̀n náà fà. Eérú tán nígbà tí ó fa òbìrìkìtì kẹrin tán. Ó wo àárín tí ó ṣófo, ó fa ilà méjì tí ó kù lọ tààrà pẹ̀lú igi, ó sì pinnu pé òun yóò dán an wò ná. Ó to àwọn ọmọ ní 2, 4, 1, 3: wọ́n jáde ní 1, 2, 3, 4. Ó to wọ́n ní 3, 1, 4, 2: wọ́n jáde ní 1, 2, 3, 4. Ó dàrú mọ́ wọn lẹ́ẹ̀kẹta, ní 4, 1, 2, 3, ó sì tún tò. Inú olùkọ́ dùn débi pé ó ń rò ó lọ́kàn pé ó ṣeé ṣe kí àwọn ará Niu Silandi ti fi òbìrìkìtì kan ṣòfò, ó sì lọ pe ọ̀gá àgbà ilé ìwé wá wòran.

Ọ̀gá àgbà jẹ́ onísùúrù ènìyàn tí kò fẹ́ kí ojú ti olùkọ́ rẹ̀. Ó ní kí a má ni àwọn ọmọ lára, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò wọ́n ní 1, 2, 3, 4, pé kí wọ́n kàn rìn kọjá kí òun rí bí ó ṣe ń ṣe. Ẹni 1 àti ẹni 2 pàdé, 3 àti 4 pàdé, kò sí ohun tí ó yí padà. Àwọn kékeré pàdé, tí wọ́n jẹ́ 1 àti 3, àwọn ńlá sì pàdé, tí wọ́n jẹ́ 2 àti 4. 3 gba ìhà kànga jáde níbi tirẹ̀, 2 gba ìhà máńgòrò jáde níbi tirẹ̀, ni àwọn ọmọ mẹ́rin tí ó ti tò kí wọ́n tó wọlé bá jáde ní 1, 3, 2, 4. Àwọ̀n ìtò tú ohun tí ó ti tò ká. Ọ̀gá àgbà bi olùkọ́ bóyá ohun tí eré náà wà fún nìyẹn.

Ọmọbìnrin tí ó di nọ́ńbà 2 mú ni ó rí àrùn náà kí olùkọ́ tó rí i. “Ẹ jọ̀ọ́ sà,” ó ní, “èmi àti ẹni 3 kò tíì pàdé.” Òótọ́ ni, gbogbo ọ̀rọ̀ sì wà nínú gbólóhùn yẹn: nọ́ńbà méjì tí kò sí òmíràn láàárín wọn gbọ́dọ̀ pàdé níbì kan, nítorí pé kò sí ẹlòmíràn tí ó lè ṣe ẹlẹ́rìí fún wọn. Nígbà tí a tò wọ́n ní 2, 4, 1, 3 tí wọ́n sì jáde ní títò, 2 àti 3 kò pàdé níbẹ̀ náà; oríire ni ó tò wọ́n. Ọ̀nà 24 ni a lè gbà to ọmọ mẹ́rin, àwọ̀n olóbìrìkìtì mẹ́rin sì ń tò wọ́n dáadáa nínú 16, ó ń kùnà nínú 8 péré, ìyẹn nígbà tí 1 àti 2 bá kọ́kọ́ pàdé tí 3 àti 4 sì pàdé. Ẹni tí ó bá ń dàrú mọ́ àwọn ọmọ kí ó tó dán an wò, tí ó ka èyí tí ó ti tò sí ohun tí kò yẹ ní dídánwò, lè dán an wò ní ẹ̀ẹ̀mẹta láìkan ìkankan nínú mẹ́jọ yẹn.

Ọ̀nà kan wà tí a fi lè mọ̀ dájúdájú, Donald Knuth sì ṣàlàyé rẹ̀ nínú apá kẹta ìwé ńlá rẹ̀ lórí ètò kọ̀ǹpútà, tí ó jáde ní 1973: bí àwọ̀n kan bá lè to gbogbo àkójọ tí ó jẹ́ òdo àti ení nìkan, yóò to nọ́ńbà yòówù. Bàtà ni olùkọ́ náà fi ṣe é, nítorí pé bàtà kò ná an lówó. Ọmọ tí ó bọ́ bàtà jẹ́ òdo, ọmọ tí ó wọ bàtà jẹ́ ení, aláìwọ-bàtà a sì máa gba ìhà máńgòrò. Ìgbà 16 ni wọ́n rìn dípò 24, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni àwọ̀n aláàbọ̀ náà sì kùnà: nígbà tí àwọn aláìwọ-bàtà méjì wà ní ẹ̀gbẹ́ kan tí àwọn oníbàtà méjì wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì, àti nígbà tí a yí i padà. Wọ́n jáde ní ẹsẹ̀ lásán, bàtà, ẹsẹ̀ lásán, bàtà, ẹni tí ó dúró ní ìdí kànga lọ́hùn-ún sì lè rí i pé ọ̀rọ̀ ti dàrú. Fún ọmọ mẹ́fà, ọ̀nà yìí sọ 720 di 64, èyí tí ó ṣì ju agbára ọ̀sán kan lọ, pàápàá fún àwọn tí ń tú okùn bàtà.

Eré yìí ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Àwọ̀n kì í yan ọ̀nà fún ara rẹ̀, kì í sì í tún ohun kan ṣe títí yóò fi tó, nítorí náà ọmọ tí ó rìn ín kò tíì rí ìgbésẹ̀ tí ń sọ pé bí ó bá rí báyìí, padà lọ sí ìbẹ̀rẹ̀. Eré mìíràn ni a fi ń kọ́ni ní ìyẹn. Àbùkù tirẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe ti olùkọ́, ó sì jẹ́ ìtura láti rí ọ̀kan tí kì í ṣe ti olùkọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ fà á sílẹ̀ nínú ọgbà ilé ìwé tirẹ̀, jọ̀wọ́, kí ó kọ́kọ́ fa òbìrìkìtì àárín, kí eérú tó tán.