Bí O Ṣe Lè Jẹ́ Kí Ìwé Kú Sí Ọ Lọ́wọ́ ní Ìkòtún

Ìwọ tó ń ta ìwé ìkọ̀wé nítòsí ọjà Ìkòtún, tó o sì fẹ́ kí ọjà kú sí ọ lọ́wọ́, mú bírò, ká bẹ̀rẹ̀.

Gbára lé ìpíndọ́gba oṣù mẹ́ta nìkan. Kó iye tó o tà lóṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn pọ̀, fi mẹ́ta pín in, kó o ra ìyẹn fún oṣù tó ń bọ̀. Ká ní o ta dọ́sìnì 40 ní Oṣù Kẹfà, 30 ní Keje, 20 ní Kẹjọ: ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ 30. Ra 30 fún Oṣù Kẹsàn-án. Má wo àwọn ìyá tó ń fa ọmọ kiri nítorí yunifọ́ọ̀mù. Ìṣirò ò mọ̀ pé iléèwé fẹ́ wọlé, ìwọ náà má mọ̀ ọ́n. Nígbà tí 160 bá wá di ohun tí wọ́n ń béèrè, sáré lọ ra ìyókù lọ́wọ́ aládùúgbò, lówó gọbọi.

Ibi tó dùn jù ló kàn. Fún Oṣù Kẹwàá, 30, 20 àti 160 á fún ọ ní 70, ṣùgbọ́n 40 péré lo máa tà. Ní Kọkànlá, ìṣirò á ní nǹkan bí 73. O ta 35. Ní Kejìlá ó tún ní 78, nígbà tí ọmọ iléèwé ń múra ọdún. 160 yẹn ò ní kúrò nínú ìṣirò títí oṣù mẹ́ta á fi pé, gbogbo àkókò yẹn ni á sì máa tì ọ́ láti ra ìwé. Má ṣe wo Oṣù Kẹsàn-án ọdún tó kọjá o! Ìyẹn lè tún ọ ṣe.

Àmọ́ ọdún tó kọjá pàápàá máa ń tan èèyàn. Ní 2020, wọ́n ti ti iléèwé pa láti Oṣù Kẹta nítorí kòrónà, ìpele-ìpele ni wọ́n sì fi wọlé padà. Ẹni tó ra iye ìwé tó tà ní 2019 lọ́dún yẹn, tí kò bi ọ̀gá iléèwé kankan léèrè, ẹgbẹ́ ẹ ni.

Bí ìṣirò bá wá sú ọ, bọ́ sórí ọ̀rọ̀ ẹnu. Pe ìpàdé, kí Bọ̀dá tó ní ṣọ́ọ̀bù kọ́kọ́ sọ tiwọn: "Ọjà á tà gan-an lọ́dún yìí!" Lẹ́yìn ìyẹn, ta ló máa bá àgbà jiyàn? Àwọn ará ilé-iṣẹ́ RAND ní Amẹ́ríkà ti rí wàhálà yìí, tí wọ́n fi gbé ọgbọ́n Delphi kalẹ̀, nínú èyí tí kálukú ń kọ iye tirẹ̀ láìsí orúkọ, ẹnì kan á kó gbogbo rẹ̀ jọ, á fi àkópọ̀ rẹ̀ hàn wọ́n, wọ́n á tún un kọ. Ìwọ má dán an wò. Rí i dájú pé "gan-an" ò di nọ́ńbà.

Bí oṣù bá parí, má fi iye tó o pè wé iye tí wọ́n béèrè. Bó o bá ń fi wọ́n wéra, kò ní pẹ́ tí wàá fi mọ̀ bóyá ìṣirò ló ń ṣìnà tàbí Bọ̀dá, ìwé á sì tán lórí pẹpẹ.