Bọ̀dá Ẹ-máà-bínú àti Lẹ́tà Mẹ́ta

Ẹ mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá ti tẹ̀wé rí ní Ṣómólú, ì báà ṣe ìwé ìpè ìgbéyàwó tàbí kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́, ẹ ti bá a pàdé láàrin ariwo jẹnẹrétọ̀ àti òórùn íńkì. Iṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Kì í yẹ àdéhùn, bébà tó bá ní òun máa lò náà ló máa lò. Ọmọ iṣẹ́ tó bá gé bébà ní wíwọ́, ilẹ̀ á ṣú mọ́ ọn lẹ́nu ìbáwí. Nǹkan kan ṣoṣo ló ń dà á láàmú: bí ẹ bá jẹ ẹ́ lówó, òun ni ojú máa ń tì. Á bẹ̀ yín kí ẹ má bínú sí òun nítorí pé ẹ jẹ òun ní gbèsè. Ìdí nìyẹn tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é ní Bọ̀dá Ẹ-máà-bínú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Bàbá Ìbejì ni ìyàwó rẹ̀ ń pè é.

Iléeṣẹ́ kan ní Erékùṣù Èkó gbé iṣẹ́ fún un: irinwó ìwé ètò àjọ̀dún, aláwọ̀ mèremère, ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán. ₦780,000 ni wọ́n jọ fẹnu kò sí. Wọ́n san ₦300,000 sílẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́, ó gbé e lọ, ẹni tó gbà á lẹ́nu ọ̀nà buwọ́ lu wébìlì. Ní ọjọ́ 3 Oṣù Kẹta, ó fi ínfọ́ìsì ₦480,000 tó kù ránṣẹ́, pẹ̀lú ọjọ́ mẹ́rìnlá láti fi san án. Wọ́n ṣe àjọ̀dún, wọ́n jó, ìwé ètò wúlò gan-an, àwọn kan fi fẹ́ ara wọn nígbà tí iná lọ. Ọjọ́ 17 pé, ó kọjá. Akáǹtì dákẹ́.

Ó wá jókòó, ó kọ ímeèlì. Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n Yorùbá ló fi kúnlẹ̀ nínú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n kúkú dá a padà sí èdè tó ti wá:

“Màdámù wa àtàtà, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ooru yìí. Ṣé dáadáa ni àwọn ọmọ wà? Ẹ máà bínú pé mo ń yọ yín lẹ́nu, mo mọ̀ pé ọwọ́ yín kún. Kò sí nǹkan kan o, mo ní kí n kàn kí yín ni. Ní ti ọ̀rọ̀ kékeré ìjọsí yẹn, ìgbàkígbà tí ẹ bá ráyè, kò sí wàhálà rárá. Olúwa á túbọ̀ máa bù kún iléeṣẹ́ yín. Ọmọ yín ni mí.”

Màdámù tí Bọ̀dá pe ara rẹ̀ ní ọmọ rẹ̀ yìí, bí àbúrò rẹ̀ ìkẹyìn ló rí. Orí lẹ́tà náà ni ó kọ “Ìkíni” sí. Kò sí iye owó níbẹ̀, kò sí nọ́ńbà ínfọ́ìsì, kò sí ọjọ́. Kí wákàtí kan tó pé, èsì dé: “Àmín o. Ẹ kú iṣẹ́.”

Àwọn kan bínú sí màdámù náà nígbà tí wọ́n gbọ́. Èmi ò bínú sí i. Wọ́n kí i, ó dáhùn. Wọ́n ṣàdúrà fún un, ó ṣe àmín. Wọn ò béèrè owó lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì san owó. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, òun nìkan ló dáhùn ohun tí wọ́n bi í.

Ìyá Ìbejì ló gba ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀. Ó ti ṣiṣẹ́ akáǹtì rí nílé iṣẹ́ ńlá kó tó wá jókòó ti ìwé owó ilé ìtẹ̀wé wọn, nítorí náà ó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ínfọ́ìsì lẹ́yìn tó bá wọ inú ilé. Ẹni tó gbé iṣẹ́ fún ọ kọ́ ló ń sanwó. Ó gbọ́dọ̀ fi ìwé náà ṣọwọ́ sí àwọn ará akáǹtì, àwọn yẹn á wò ó bóyá ó bá ìwé àṣẹ iṣẹ́ mu, bóyá wébìlì wà lẹ́yìn rẹ̀, wọn á wá tò ó mọ́ àwọn tí wọ́n máa san lọ́sẹ̀ náà. Bí ẹyọ kan bá yẹ̀ nínú rẹ̀, ìwé náà á sùn síbi tó bá wà, kò sì sí ẹni tó máa pè ọ́. Lójú tirẹ̀, lẹ́tà àkọ́kọ́ kì í ṣe ti ìjà, kì í sì í ṣe ti ẹ̀bẹ̀. Kí ẹni tó máa sanwó lè sanwó láìdìde lórí àga ni wọ́n ń kọ ọ́ fún.

Ohun tó kọ ní ọjọ́ 20 nìyí. Orí rẹ̀ kà báyìí: “Ínfọ́ìsì 0117, ₦480,000, ọjọ́ rẹ̀ pé ní 17 Oṣù Kẹta.”

“Ẹ kú iṣẹ́ mà. A dúpẹ́ fún iṣẹ́ ìwé ètò àjọ̀dún tí ẹ gbé fún wa. Ínfọ́ìsì 0117, ₦480,000, ti kọjá ọjọ́ rẹ̀, a ò sì tíì rí owó náà. Bóyá kò dé ọ̀dọ̀ àwọn ará akáǹtì ni, nítorí náà a tún fi í mọ́ lẹ́tà yìí pẹ̀lú wébìlì tí ẹ buwọ́ lù. Nọ́ńbà akáǹtì wa wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá ti san án, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ẹ̀rí rẹ̀ ránṣẹ́ ká lè wò ó ní báǹkì. Ẹ ṣeun mà.”

Bọ̀dá kà á, òógùn bò ó. “Ìyá Ìbejì, o ò béèrè àwọn ọmọ!” Ó fẹ́ kó fi “ẹ máà bínú” há a níbì kan, kódà kó jẹ́ ní ìparí. Ìyàwó ní kí ó tọ́ka ibi tí àrífín wà nínú lẹ́tà náà. Ó wá a títí, kò rí i.

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá. Màdámù ti fèsì pé “Ó ti wà lórí tábìlì ọ̀gá.” Ẹ̀yin tí ẹ ti bá iléeṣẹ́ ṣòwò rí, ẹ mọ tábìlì yẹn. Bí gbogbo ohun tí wọ́n ní ó wà lórí rẹ̀ bá wà níbẹ̀ lóòótọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ì bá ti kán. Bọ̀dá Ẹ-máà-bínú yọ̀ sí èsì náà, ó ní ṣebí wọ́n ti dáhùn. Irú rẹ̀ máa ń gba ọ̀rọ̀ dùndùn bí ẹni gba risíìtì. Ìyàwó rẹ̀ ka èsì náà lẹ́ẹ̀mejì, ó wá ọjọ́ nínú rẹ̀, kò rí ọjọ́.

Nítorí náà, ìbéèrè kan péré ni lẹ́tà kejì gbé dání, ó sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí olórí akáǹtì: “Ẹ kú iṣẹ́ mà. A rí èsì yín, ẹ ṣeun. Ínfọ́ìsì 0117 ti kọjá ọjọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́wàá báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ wo gan-an ni owó náà máa wọlé? Bí ohun kan bá ń dá a dúró láti ọ̀dọ̀ wa, ẹ sọ fún wa, a ó tún un ṣe lónìí. A ń retí ọjọ́ náà kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú.”

Olórí akáǹtì ló fèsì, màdámù kọ́. Nọ́ńbà ìwé àṣẹ iṣẹ́ kò sí lára ínfọ́ìsì! Bọ̀dá ló gbàgbé láti kọ ọ́ sí i, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un, nítorí pé àlàáfíà àwọn ọmọ nìkan ló béèrè. Ìyá Ìbejì fi nọ́ńbà náà sí i, ó dá a padà lọ́jọ́ kan náà. Akáǹtì ní ó ti pé. Ó wá ku ọ̀gá tó máa buwọ́ lù ú. Ọ̀gá sì ti rìnrìn àjò.

Bí Oṣù Kẹrin ṣe wọlé, ìmọ̀ràn bẹ̀rẹ̀ sí rọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Ọmọkùnrin tó ń gé bébà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ní òun mọ ọlọ́pàá kan. Ìyẹn ò lè ṣe é. Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020 sọ ọ́ gbangba pé wọn ò gbọdọ̀ tìtorí àdéhùn tí ẹnì kan yẹ̀ nìkan mú un, ẹni tó bá sì gbé ọlọ́pàá lọ gba gbèsè lè di ẹni tí wọ́n ń pè lẹ́jọ́. Bàbá àgbà kan ní kí Bọ̀dá lọ ṣe bí Òṣómàáló, àwọn aláṣọ Ìjẹ̀ṣà ayé àtijọ́ tí wọ́n máa ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó á fi jáde. Ṣùgbọ́n ní Erékùṣù lónìí, wọ́n á fún ọ ní káàdì àlejò, wọ́n á gbé ọ jókòó lórí tìmùtìmù níbi tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń fẹ́. Bọ̀dá á gbádùn ara rẹ̀, á tún dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn nígbà tó bá ń lọ.

Lẹ́tà kẹta jáde ní ọjọ́ 7 Oṣù Kẹrin, sí màdámù, akáǹtì àti ọ̀gá náà fúnra rẹ̀:

“Ẹ kú iṣẹ́ sà, ẹ kú iṣẹ́ mà. A gbé iṣẹ́ yín wá bí a ṣe ṣàdéhùn, ẹ sì buwọ́ lù ú pé ó pé. Ọjọ́ ìsanwó ti kọjá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, a sì ti kọ̀wé ní 20 àti 27 Oṣù Kẹta. Ẹ jọ̀ọ́, kí ₦480,000 náà wọlé kí ó tó di agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 14 Oṣù Kẹrin. Bí ẹ bá fẹ́ pín in sí méjì, ẹ kọ ọjọ́ méjèèjì ránṣẹ́ kí ọjọ́ náà tó pé, a ó gbé e yẹ̀ wò. Bí a ò bá rí owó tàbí ìwé, a ó fi lẹ́tà ìbéèrè gbèsè, Fọ́ọ̀mù SCA 1, ránṣẹ́ sí yín, a ó sì gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí Kóòtù Gbèsè Kékeré. A ò fẹ́ kó débẹ̀, inú wa á sì dùn láti tún bá yín ṣiṣẹ́. Ẹ ṣeun.”

Ìyá Ìbejì kò purọ́ nípa kóòtù. Láti ọdún 2018 ni ó ti wà ní Èkó, fún gbèsè tí iye rẹ̀ dájú tí kò ju ₦5,000,000 lọ. Èèyàn lè ro ẹjọ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀ láìgba lọ́yà, ìlànà wọn sì ní kí ìdájọ́ jáde láàrin ọgọ́ta ọjọ́. Ìlànà ni mo wí o, Èkó ṣì ni Èkó. Ṣùgbọ́n wọn ò ní gbọ́ ẹjọ́ rẹ bí o kò bá kọ́kọ́ fún onígbèsè ní Fọ́ọ̀mù SCA 1. Ìyá Ìbejì ti tẹ fọ́ọ̀mù náà jáde, ó ti kọ ọ́ tán, kó tó dárúkọ rẹ̀ nínú lẹ́tà. Ó ní ohun tí òun ò bá ní ṣe, òun ò ní kọ ọ́.

Ọkọ rẹ̀ kò lè jẹun alẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó dá a lójú pé oníbàárà ti lọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ọ̀gá tó rìnrìn àjò ti dé, tàbí kó jẹ́ pé kò lọ. ₦300,000 wọlé. Màdámù kọ ọ́ pé: “Ẹ̀yin náà! Ṣé a ò lè bára wa sọ ọ́ ni? Ìyókù ń bọ̀.” Bọ̀dá ti na ọwọ́ sí fóònù láti tọrọ àforíjì. Ìyàwó rẹ̀ gbé fóònù náà kúrò níwájú rẹ̀, ó sì tẹ èsì fúnra rẹ̀: “Ẹ ṣeun mà. A ti rí ₦300,000 lára ínfọ́ìsì 0117. Ó ku ₦180,000. Ọjọ́ 14 Oṣù Kẹrin ṣì ni.”

Ìyókù wọlé ní ọjọ́ 13. Lọ́jọ́ kan náà, màdámù béèrè iye tí wọ́n máa gbà fún káàdì ìpolówó 200, Bọ̀dá sì bẹ̀rẹ̀ èsì rẹ̀ báyìí: “Màdámù wa àtàtà, ẹ máà bínú, a ó nílò ìdá àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún sílẹ̀ ká tó bẹ̀rẹ̀.”