Ọpẹ́ Alálàfo

Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Wọn ò sọ orúkọ tí a ó máa pe ẹni tó dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ayé lẹ́ẹ̀kan náà. N ò bá wọn wí. Kò sí ẹ̀rọ fọ́tókọ́pì láyé ìgbà yẹn.

Ìyá tó ń ta próvíṣọ̀n ládùúgbò wa n'Íbàdàn ṣe igba ìwé ọpẹ́ nípẹ̀kun ọdún: "Oníbàárà wa ọ̀wọ́n ............, a dúpẹ́ fún àtìlẹ́yìn yín tí kò lẹ́gbẹ́. Ẹ máa bá wa rà." Kò sẹ́ni tó kọ orúkọ kankan sí àlàfo yẹn. Ọkùnrin tó wá já iná wọn gba ọ̀kan. Èmi tí mo ti ń ra burẹ́dì níbẹ̀ láti ọdún 2016 náà gba ọ̀kan. Àtìlẹ́yìn èmi àti ajáná wá di ọgba!

Mo ní, "Ìyá, ẹ gbé ìwé àwìn yín wá." Wọ́n rò pé mo fẹ́ san gbèsè, ojú wọn tàn. A ṣí i dé oṣù Kejì ọdún 2023, nígbà tí owó náírà di àwátì tí èèyàn ń tò sẹ́nu ọ̀nà báńkì láti òru. Mo bi wọ́n pé ta ni wọn ò lè gbàgbé lásìkò yẹn.

"Ìyá Ìbejì ni. Tíránsífà tó fi ra kọ́ńgò ìrẹsì mẹ́ta ò wọlé. Ọjọ́ kẹta, báńkì dá owó ẹ̀ padà fún un. N ò tiẹ̀ mọ̀. Òun ló fẹsẹ̀ ara ẹ̀ wá sọ fún mi."

Ohun tí a kọ sínú ìwé ọpẹ́ tuntun nìyẹn: "Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọdún. Báńkì dá 4,500 náírà padà fún yín, ẹ sì gbé e wá fún mi. Owó yẹn ni mo fi ra súgà tí mo tà lọ́sẹ̀ náà. N ò gbàgbé."

Wọ́n fẹ́ fi "ẹ máa bá wa rà" kún un. Mo ní kí wọ́n yọ ọ́. Ìpolówó ọjà nìyẹn. Wọ́n tún fẹ́ mẹ́nu ba gbèsè oṣù mẹ́ta tí Ìyá Ìbejì jẹ nígbà kan tó sì san. Mo kọ̀ jálẹ̀, torí àwọn ìbejì yóò ka ìwé yẹn. Bí a bá kọ ti ẹnì kan tán, a ó wò ó bóyá a lè gbé e fún ẹlòmíì láìyí ju orúkọ lọ. Bó bá ṣeé ṣe, a ó fà á ya. Mẹ́tàdínlógún péré ló yè é. Àwọn tí wọn ò rí nǹkan rántí nípa wọn, èènì ni wọ́n fún wọn, wọn ò parọ́ ìrántí.

Nígbà tó kan èmi, wọ́n wo ìwé àwìn, wọ́n wojú mi. "Ìwọ, san ti oṣù tó kọjá ná."

Èyí tó kù nínú igba ìwé ọjọ́sí, ẹ̀pà ni wọ́n fi ń pọ́n báyìí.