D Tó Ń Ṣẹ́jú sí Mi ní Ìwàrajà

Họ́ńdà Àkọ́ọ̀dù ọdún 2003 ni àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní "Ẹ́ńdì Ọ́fù Dìskọ́ṣọ̀n". Wọ́n ní bí ẹ bá ti ní in, ọ̀rọ̀ parí. Mo ra ọ̀kan ní tòkunbọ̀, ọtọmátíìkì onígíà márùn-ún, àmọ́ ọ̀dọ̀ tèmi gan-an ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n má sì di ẹ̀bi ru ọkọ̀ náà: ọwọ́ mi yìí ni mo fi fà á.

Kòrólà ni mo lò ṣáájú, òun ló sì kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wo ọ́ìlì gíà. Ẹ́ńjìnnì á gbóná, á máa ṣiṣẹ́ lọ, ọ̀pá gíà á wà ní P, ẹ ó wá fa gééjì yọ, ẹ ó nù ún, ẹ ó tì í bọ̀ ọ́, ẹ ó tún fà á yọ. Bí mo ṣe wo ti Àkọ́ọ̀dù nìyẹn nínú ọgbà ilé mi ní Òṣogbo. Ọ́ìlì kò dé ojú àmì. Mo ní, "Ẹni tó ta ọkọ̀ yìí fún mi, ahun ni." Mo ra ọ́ìlì, mo rọ ọ́ tó bíi lítà kan sí i, inú mi sì dùn pé mo ti gba gíà là lọ́wọ́ òùngbẹ.

Ohun tí n kò mọ̀ ni pé Họ́ńdà ní òfin tirẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ pa ẹ́ńjìnnì tó ti gbóná dáadáa náà, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí wọ́n sì wo gééjì láàárín ìṣẹ́jú kan sí ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ lẹ́yìn tó kú. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ọ́ìlì tí pọ́ǹpù ti fà lọ káàkiri inú gíà kò ní sí nísàlẹ̀ níbi tí gééjì ti ń wọn nǹkan. Ẹ ó rò pé kò tó, bẹ́ẹ̀ ó tó tán pérépéré. Lítà kan tí mo rọ kún un ti wá gbé ọ́ìlì sókè dé ibi tí àwọn irin gíà ti ń yí. Bí wọ́n ṣe ń yí ni wọ́n ń lù ú, ó sì ń hó. Ìfófòó kì í ṣe ọ́ìlì: afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀, kò lè ti kílọ́ọ̀ṣì inú gíà mú dáadáa. Kílọ́ọ̀ṣì tí kò mú dáadáa a máa yọ̀, ohun tó bá sì ń yọ̀ a máa gbóná.

Ní títì Òṣogbo kò sí nǹkan kan. Màmá ìyàwó mi ni a ń gbé lọ sí Ẹ̀rín-Ìjẹ̀ṣà, iṣu àti kẹ́ẹ̀gì epo pupa kún bùùtù. A kọjá Iléṣà ní wọ́ọ́rọ́wọ́, Màmá ń gbọ́ ìwàásù nínú rédíò. Nígbà tí a dé òkè kan lápá Ìwàrajà ni ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kò yára sí i. Lẹ́yìn náà ni lẹ́tà D tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, tó máa ń dúró jẹ́ẹ́, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú.

Màmá ní, "Ọkọ ọmọ mi, kí ni iná yẹn ń wí?"

Mo ní, "Màmá, ẹ má ṣèyọnu. D, dáadáa ni."

Mo wo abẹ́rẹ́ ìgbóná, ó wà láàárín gbùngbùn. Mo ní ọkọ̀ ò gbóná. Ẹ gbọ́ ná: omi rédíétọ̀ ni abẹ́rẹ́ yẹn ń wọ̀n, kò mọ nǹkan kan nípa ọ́ìlì gíà. Ọkọ̀ yìí kò sì ní gééjì kankan tó ń fi ìgbóná gíà han awakọ̀. Ìṣẹ́jú D yẹn nìkan ni ahọ́n tó ní. Síbẹ̀, mo sọ̀kalẹ̀, mo bu píọ̀ wọ́tà sínú ike omi rédíétọ̀. Ìyàwó mi wò mí, kò sọ̀rọ̀.

Láti ìgbà yẹn ni ọkọ̀ ti ń tiro. Kọ̀ǹpútà gíà ti rí i pé ìyára ohun tó ń wọlé sínú gíà àti ìyára ohun tó ń jáde kò bára mu, ó sì gbà pé nǹkan ń yọ̀. Ó gé iná àwọn fáàfù kan, ó sì fi gíà há sójú kan. Tèmi há sí ẹ̀kẹta. Bí a bá fẹ́ gbéra, ọkọ̀ á wúwo bí ẹni tó ru àpò sìmẹ́ńtì, nítorí gíà kẹta ló fi ń dìde. Lójú ọ̀nà tó tẹ́jú, níbi tí a ti ń sá kìlómítà 80 láàárín wákàtí, abẹ́rẹ́ ìyípo ẹ́ńjìnnì tó yẹ kó wà nísàlẹ̀ 2,000 ti lé ní 3,000. Bí mo bá sì ti ti ọ̀pá sí R tàbí D, gbì! bí ẹni ta ọkọ̀ nípàá. Agbára tí ọ́ìlì fi ń ti kílọ́ọ̀ṣì ni kọ̀ǹpútà ti fi sí òkè pátápátá, kó má bàa yọ̀ mọ́. Màmá ní, "Ẹ̀yìn mi o!"

Mo pa ọkọ̀, mo tún ṣí i. D dákẹ́, gíà ń pààrọ̀ dáadáa, mo sì rẹ́rìn-ín ìṣẹ́gun. Bí a ṣe tún kọjú sí òkè, ó tún bẹ̀rẹ̀. Mo bá mú sípánà, mo tú orí bátìrì. Ọgbọ́n ńlá lójú mi! Gbogbo ohun tí kọ̀ǹpútà kọ sílẹ̀ ló parẹ́, ẹ̀rí tí mẹkáníìkì ìbá kà lọ pẹ̀lú rẹ̀. Rédíò náà tì pa, ó kọ CODE síta, n kò sì ní nọ́ńbà rẹ̀. Ìwàásù Màmá parí láìsí àmín.

Ohun tó yẹ kí n ṣe ni pé kí n dúró síbi tó láàbò, kí n fi ọ̀pá sí P, kí n jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, níwọ̀n ìgbà tí omi rédíétọ̀ kò ti gbóná jù. Ọ́ìlì gíà á máa lọ máa bọ̀ níbi tí wọ́n ti ń mú un tutù. Pípa tí mo ń pa á, ńṣe ló ń dá ọ́ìlì gbígbóná dúró sójú kan.

A fi gíà kẹta tiro padà sí Iléṣà. Mẹkáníìkì kan ti sìkánà bọ̀ ọ́, nítorí D ti tún ṣẹ́jú lẹ́yìn bátìrì, ó sì rí P0730: gíà kò bá ohun tí kọ̀ǹpútà pàṣẹ mu. Ó fa gééjì, ìfófòó kéékèèké wà lára rẹ̀. Ó bi mí pé, "Bọ̀dá, ta ló rọ ọ́ìlì sí i?" Mo wo ìyàwó mi, ìyàwó mi wo ojú ọ̀run.

Ó tú ọ́ìlì jáde, kò pupa kòrókòró mọ́, ṣùgbọ́n kò tíì rùn bí ohun tó jóná. Bíi lítà méjì ààbọ̀ ló fi ọ́ìlì DW-1 rọ́pò, ó sì jẹ́ kí n fojú ara mi wo gééjì lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì kú. Ó ní bó bá ti jóná ni, dídà á sílẹ̀ kò ní tó; a ó tú gíà. Kó tó dá kọ́kọ́rọ́ padà, ó lóṣòó síwájú bọ́ńẹ́ẹ̀tì bí Òṣómàáló tó wá gba owó aṣọ, ó ka owó iṣẹ́ rẹ̀ tán ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

Mo wá di olùkọ́ ọ́ìlì gíà láàárín ẹbí. Àbúrò ìyàwó mi tó ń wa Kòrólà gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó sì fi sọ́kàn. Kí n tó dé ilé rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ó ti pa ẹ́ńjìnnì, ó ti wo gééjì, ó ti rí i pé ọ́ìlì "pọ̀ jù", ó sì ti fi ráàbà fa ìdajì lítà jáde.