Sí Bàbá Onílé Tó Ń Ka Oníbàárà Mi

Bàbá wa,

Ẹ kú ìjókòó. Mo rí yín lórí bẹ́ńṣì iwájú ṣọ́ọ̀bù lọ́sẹ̀ Iléyá, tí ẹ ń ṣe bí ẹni ń gba atẹ́gùn, bẹ́ẹ̀ àwọn tó wá gba aṣọ ni ẹ ń fi ìka kà. Ọ̀sẹ̀ kejì ni ẹ ní owó ṣọ́ọ̀bù ti kúrò ní ₦400,000, ó ti di ₦700,000. Nígbà tí mo jókòó tí mo ń lé eṣinṣin lẹ́yìn ọdún, kí ló dé tí ẹ ò wá kà wọ́n?

Ẹ̀bi tèmi náà wà níbẹ̀ ṣá. Ọdún 6 ni mo ti ń san owó lọ́dọọdún, tó jẹ́ rìsíìtì nìkan ni ìwé tó wà láàárín wa. Mo lẹ táìsì, mo fi gíláàsì síwájú, mo fa wáyà tó lè gbé ẹ̀rọ mi. Owó rẹ̀ lé ní ₦900,000. Bí mo bá ń lọ, mo lè yọ gíláàsì, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ ha táìsì? Ẹ mọ̀ pé mi ò ní tètè lọ, ọkàn yín sì balẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká na ọjà yìí dáadáa. Màá san ₦480,000 lọ́dún fún ọdún 2. Lọ́dún kẹta, ẹ fi ìdá mẹ́wàá lé e, kó di ₦528,000, kó dúró síbẹ̀ títí ọdún 5 yóò fi pé. Ẹ má tíì yínmú. Bí mo bá kó jáde, tí ṣọ́ọ̀bù náà ṣófo fún oṣù 4 bíi ti ọ̀ọ́kán yẹn, owó oṣù 8 tó kù nínú ₦700,000 ò tó ₦467,000. Lọ́dún àkọ́kọ́, tèmi ló pọ̀ jù. Lẹ́yìn náà ẹ lè jèrè, bí ẹni tuntun náà bá ń sanwó.

Ohun tó ká mi lára ju owó lọ ni ọdún kẹfà. Kí ìwé sọ pé, bó bá ku oṣù 6, mo lè kọ̀wé pé mò ń dúró, kí ẹ má sì gbé ṣọ́ọ̀bù fún ẹlòmíràn. Tí a bá kàn kọ pé "owó tí a bá jọ fẹnu kò sí", ìjà la kọ sílẹ̀ yẹn. Ká kọ ọ́ pé ẹni tó ń díye lé ilé, tí àwa méjèèjì yàn, ni yóò dá iye náà.

Kí ìwé náà de àwọn ọmọ yín náà o. Ẹ óò pẹ́ láyé, ṣùgbọ́n Bùọ̀dá tó wà ní Kánádà ti ń bèèrè bí ṣọ́ọ̀bù mi ṣe fẹ̀ tó.

Nítorí pé àdéhùn yìí ju ọdún 3 lọ, díìdì ni lọ́yà máa kọ. Pélébé ìwé tí ájẹ́ǹtì fi ń gba owó àgírímẹ́ǹtì ò lè gbé e.

Sòkòtò yín ti ṣetán. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ wá gbé e, kí ẹ mú bírò dání.

Èmi ni,
Aránṣọ yín nísàlẹ̀