Bọ̀ọ̀dá Ọpẹ́ Ṣe Ọdún Márùn-ún

Ẹ mọ̀ ọ́n. Bí kò bá máa tẹ náílọ̀nù ní Jojú, á jẹ́ pé aṣọ iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ló ń rán lójú ọ̀nà Ìdìrókò, tàbí kó máa ta páálí ní Ojú-Ọrẹ. Ojoojúmọ́ ló ń bá oníbàárà jà lórí náírà 200. Ṣùgbọ́n bí ṣọ́ọ̀bù bá ti pé ọdún báyìí, ìrẹ̀lẹ̀ á dédé gùn ún. Á wọ agbádá, á pe ayafọ́tò, á sì máa sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé òun ò fẹ́ ariwo, ọpẹ́ lásán lòun fẹ́ dá. Bọ̀ọ̀dá Ọpẹ́ ni mo sọ ọ́.

Ọ̀dọ̀ mi ni ọpẹ́ náà ti ń di àwòrán. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe nítòsí bíríìjì Sango, níbi tí ohùn kọ̀ńdọ́kítọ̀ kì í ti í jẹ́ kéèyàn gbọ́ ti ẹnu ara rẹ̀. Irú àwòrán tí Bọ̀ọ̀dá Ọpẹ́ ń fẹ́ ni èyí tí wọ́n ń tò tẹ̀léra lórí Instagram, téèyàn ń fi ìka fà lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣí ìwé. Mẹ́wàá ni wọ́n ń gbà lẹ́ẹ̀kan tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ di 20 lóṣù Kẹjọ ọdún 2024, ó ní Ọlọ́run ti fẹ ààyè òun.

"Ẹ̀gbọ́n," ló wí fún mi lọ́dún tí náílọ̀nù rẹ̀ pé ọdún márùn-ún, "ẹ ṣáà má jẹ́ kó dà bíi pé mò ń fọ́ọ̀mù o. Àwọn oníbàárà ni mo fẹ́ yẹ́ sí."

Mo ní kó jẹ́ kí n rí ohun tó kó wá. Àwòrán kìíní, òun fúnra rẹ̀ ni, nínú agbádá, ó fi ìgbọ̀nwọ́ lé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí kò sí iná tí yóò gbé e. Ó ní kí n kọ sí i lára pé: "Ta ni èmi, Olúwa?" Ìkejì, ìwé ìforúkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́, pẹ̀lú férémù rẹ̀. Ìkẹta, "Oníbàárà 1,000, a ò lè fi ara wa ṣe é." Ìkẹrin, bọ́ọ̀sì kan tó yá fún ọjọ́ náà. Ìgbà tó di ìkarùn-ún la tó rí oníbàárà kan ṣoṣo.

Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ọmọbìnrin kan tí ẹnu rẹ̀ mú díẹ̀, ló wò mí tó ní, "Ẹ bá mi bi Ọ̀gá ibi tí wọ́n ti rí 1,000." A ṣí ìwé risíìtì. Òótọ́ ni, risíìtì lé ní 1,000. Ṣùgbọ́n nígbà tí a fi nọ́ńbà fóònù ṣà wọ́n, ènìyàn 140 ni. Obìnrin kan tó ń ṣe búrẹ́dì ní Ìjokò nìkan, ìgbà 46 ló wà níbẹ̀. Bọ̀ọ̀dá Ọpẹ́ ti sọ obìnrin kan di ọjà Sango. Ohun tó yẹ kó wú u lórí ni pé ẹnì kan ṣoṣo padà wá nígbà 46, kò sì rí i.

Obìnrin yẹn gan-an ló wà nínú àwòrán karùn-ún. Wọ́n yà á níbi tó ti ń gbé ẹrù, kò tilẹ̀ mọ̀. Abẹ́ rẹ̀ ni Bọ̀ọ̀dá Ọpẹ́ ní kí n kọ ọ́ sí: "Láti kílò 10 dé kílò 80 lóṣù. Inú wa dùn pé a gbé wọn dépò." Mo ní kò dáa. Ó ní ọdún tó kọjá lòun ti gbé irú ẹ̀ jáde fún un, kò sì sí nǹkan kan tó ṣe.

Nǹkan wà tó ṣe, òun ni kò mọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣe búrẹ́dì mọ iye búrẹ́dì tí kílò náílọ̀nù kan lè dì. Bí o bá kéde kílò obìnrin náà, o ti kéde iye tó ń yan. Onílé rẹ̀ rí i lórí WhatsApp, ó fowó kún ilé. Àbúrò ọkọ rẹ̀ pè láti Ifọ̀ pé òun náà ti gbọ́ o. Obìnrin náà fúnra rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù, kò pariwo. "Ọ̀gá onínáílọ̀nù, ẹ ṣeun o," ló ní. "Ṣé ẹ ti kà mí tán?" Bọ̀ọ̀dá Ọpẹ́ rò pé àwàdà ni, ó rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀, àwọn tó bí i ti sọ fún un pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ká tó wá kan Òfin Ààbò Dátà ti ọdún 2023, tó ka àwòrán ojú ènìyàn mọ́ ohun tí kò yẹ kéèyàn kàn máa gbé kiri láìgbàṣẹ.

Mo rán ọmọ iṣẹ́ náà sí Ìjokò. Ìbéèrè kan péré ni mo fi rán an: nínú ọdún márùn-ún yìí, ọjọ́ wo lẹ ò lè gbàgbé? Ó dá Bọ̀ọ̀dá Ọpẹ́ lójú pé ọjọ́ tí kílò obìnrin náà pé 80 lóṣù ni yóò dárúkọ.

Kò dárúkọ rẹ̀ rárá. Ó ní tẹ́lẹ̀, náílọ̀nù òfìfo lòun fi ń di búrẹ́dì, àwọn tó ń kiri ọjà a sì máa tà á bíi pé ti iléebúrẹ́dì míì ni. Lọ́jọ́ tí orúkọ òun kọ́kọ́ hàn lára náílọ̀nù, ọmọ òun obìnrin jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó kà á sókè. Ọjọ́ yẹn ni. Lẹ́yìn náà ló wá fi kún un pé náílọ̀nù ọ̀hún bà jẹ́ o, íǹkì rẹ̀ ń yí mọ́ òun lọ́wọ́, òun sì dá a padà.

Bọ̀ọ̀dá Ọpẹ́ fẹ́ ká fo ìyẹn. Èmi ní ibẹ̀ ni ọpẹ́ wà. Náílọ̀nù tí wọn ò bá fi iná mànàmáná tọ́jú ojú rẹ̀ kó tó dé orí ẹ̀rọ kì í mú íǹkì dúró. Nígbà náà kò mọ̀. Obìnrin yẹn ló kọ́ ọ, nítorí ó dá ọjà padà kàkà kó lọ síbòmíì. Láti ọjọ́ náà, kí ó tó gbé iṣẹ́ jáde, á lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ orí íǹkì, á ṣí i fàìn, bí íǹkì bá bá a wá, iṣẹ́ ò tíì tán.

Márùn-ún la fi ṣe é. Àkọ́kọ́, ọwọ́ obìnrin náà níbi tó ti ń so ẹnu náílọ̀nù, orúkọ búrẹ́dì hàn, kò sí iye kankan. Ìkejì, ọ̀rọ̀ nípa ọmọ tó kàwé lẹ́nu ọ̀nà. A ò fi ìyẹn jìnnà, nítorí bí ẹnì kan bá fo àkọ́kọ́ kọjá, Instagram a máa fi ìkejì hàn án nígbà míì. Ìkẹta, náílọ̀nù tó bà jẹ́ gan-an, a kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ pé: "Ẹ dá a padà, ẹ ò sì fi wá sílẹ̀." Ìkẹrin, sẹ́lótéèpù. Ìkarùn-ún, orúkọ àwọn oníbàárà méje tó gbà kí á dárúkọ wọn. Obìnrin náà wò ó lórí fóònù ọmọ iṣẹ́, ó ní ó dáa, kí wọ́n gbé e jáde.

Kó tó di alẹ́, Bọ̀ọ̀dá Ọpẹ́ ti fi ìkẹfà kún un. Agbádá, ìgbọ̀nwọ́ lórí ẹ̀rọ, "Ta ni èmi, Olúwa?"

Lọ́jọ́ kejì, obìnrin Ìjokò gbé ọpẹ́ náà sórí WhatsApp tirẹ̀. Márùn-ún ló gbé.