Mo Fẹ́ Polówó Lọ́yà bí Ẹni Ń Polówó Agbo Jẹ̀dí

Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun ni kí n máa wá gbólóhùn kúkúrú fún ọlọ́jà, èyí tí wọ́n ń kọ sábẹ́ orúkọ ilé iṣẹ́ kí aráyé lè fi rántí wọn. Mo ti ṣe é fún oníṣòwò gààrí, mo ti ṣe é fún àwọn tó ń fọ aṣọ. Ṣùgbọ́n agbo jẹ̀dí ló sọ mí di ẹni tí a mọ̀ nílùú Ìbàdàn. Gbólóhùn tí mo kọ fún agbo náà dùn débi pé àwọn ọmọdé ń fi ṣeré ládùúgbò, ìyá mi sì kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ sọ ọ́ létí pásítọ̀. Nítorí náà, nígbà tí lọ́yà kan ránṣẹ́ pè mí, mo mú onígàngan dání.

Obìnrin ni lọ́yà yìí. Yàrá méjì péré ni ọ́fíìsì rẹ̀, nítòsí Ìyágankú, níbi tí kóòtù májísíréètì wà. Òun àti àbúrò kan tó ń bá a ṣiṣẹ́ ni, pẹ̀lú akọ̀wé àgbàlagbà kan tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Bàbá. Ẹjọ́ ilẹ̀ àti ọ̀rọ̀ ogún ló pọ̀ jù lọ́wọ́ wọn. Bàrísítà ní òun fẹ́ gbólóhùn kan tí yóò fi ọkàn ẹni tó ń bọ̀ balẹ̀. Kò gbọdọ̀ jọ ìgbéraga, kò sì gbọdọ̀ le koko bí ìwé ìpèlẹ́jọ́.

Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Mà. Ẹ ti rí i gbà."

Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gbé ní Hústọ̀n ti fi fọ́tò àwọn pátákó lọ́yà tó wà lẹ́bàá títì wọn ránṣẹ́ sí mi rí. Lọ́yà kan di ẹ̀ṣẹ́, òmíràn dúró lórí ọkọ̀ akẹ́rù bí ajagun. Èmi sì rò pé bí ayé ṣe ń ṣe é nìyẹn. Mo lọ sílé, mo kọ ọ́ báyìí: "Ẹjọ́ tó bá dé ọwọ́ wa, ẹ máa jó bọ̀ nílé!" Mo tún fi owó ara mi fún akunlé kan, ó bá mi kun pátákó tó ga tó ilẹ̀kùn, òṣùwọ̀n ìdájọ́ lápá kan, kìnnìún lápá kejì, gbogbo rẹ̀ pupa yòò. N kò bi ẹnikẹ́ni léèrè kí n tó náwó. Mo fẹ́ ṣe é ní ìyàlẹ́nu fún wọn ni.

Ó yà wọ́n lẹ́nu lóòótọ́. Onígàngan ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ kan awọ ni Bàrísítà yọ ojú dígí rẹ̀, ó ní kí a jọ̀ọ́ dúró ná. Ó fa ìwé pẹlẹbẹ kan yọ nínú dúrọ́ọ̀, ìlànà ìwà iṣẹ́ agbẹjọ́rò ti ọdún 2007, èyí tó wà nílẹ̀ nígbà náà. Ó ṣí i sí òfin kọkàndínlógójì. Agbẹjọ́rò lè polówó, bó bá ti ṣe é bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ sọ ohun tó lè ṣi ènìyàn lọ́nà. Kò gbọdọ̀ fi ara rẹ̀ wé agbẹjọ́rò mìíràn. Kò gbọdọ̀ sọ bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe dára tó, bí ilé iṣẹ́ rẹ̀ ṣe tóbi tó, tàbí bó ṣe ń borí tó. Ìyẹn ni pé gbólóhùn mi kan ṣoṣo ti ru òfin náà láti oríṣiríṣi ọ̀nà kí ẹsẹ̀ ìlù tó wọlé. Ó wá ṣí i sí òfin kọkànlélógójì: pátákó tí agbẹjọ́rò bá gbé sí ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀, orúkọ àti oyè iṣẹ́ rẹ̀ ni kó wà níbẹ̀, kó mọ níwọ̀n, kó sì níyì.

Ó wò mí lójú, ó ní, "Ẹ bá mi wá ibi tí wọ́n ti dárúkọ kìnnìún nínú rẹ̀."

Mo rojọ́ pé ti Hústọ̀n ńkọ́? Ó rẹ́rìn-ín, ó sì sọ ìtàn tí n kò gbọ́ rí fún mi. Ní Amẹ́ríkà pàápàá, lọ́yà kì í polówó tẹ́lẹ̀. Lọ́dún 1976, àwọn lọ́yà ọ̀dọ́ méjì nílùú Fíníìsì ní ìpínlẹ̀ Arisónà, Bates àti O'Steen, gbé ìpolówó sínú ìwé ìròyìn, ẹgbẹ́ agbẹjọ́rò sì fẹ́ jẹ wọ́n níyà. Ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lórílẹ̀-èdè náà, àwọn adájọ́ sì dá wọn láre lọ́dún 1977. Láti ibẹ̀ ni pátákó ẹlẹ́ṣẹ̀ẹ́ ti rí ọ̀nà jáde. Àmọ́ ohun tí àwọn méjèèjì kọ gan-an kò ju iye owó lọ: tọkọtaya tí wọ́n bá ti fẹnu kò láti túká, dọ́là 175, pẹ̀lú dọ́là 20 tí kóòtù ń gbà. Wọn kò di ẹ̀ṣẹ́, wọn kò gun ọkọ̀. Wọ́n kàn sọ ohun tí aráàlú ń bẹ̀rù láti béèrè.

Ó yẹ kí n ti gbọ́n níbẹ̀, n kò gbọ́n. Ẹ̀rù òfin ló bà mí, mo bá fò sí apá kejì. Mo kọ gbólóhùn tuntun: "Ìmọ̀. Ìlànà. Àṣírí." Bàbá kà á, ó tún un kà, ó wá bi mí bóyá lọ́yà ni a fẹ́ polówó àbí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Mo fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ. Lọ́yà wo ni yóò kọ ọ́ sára ìwé pé òun kò mọ òfin, tàbí pé òun a máa tú àṣírí? Ọ̀rọ̀ tí kò sí ẹni tó lè sọ òdìkejì rẹ̀ kò tíì sọ nǹkan kan fún oníbàárà. Kò purọ́, kò sì wúlò. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ "òtítọ́ àti ìwà ọmọlúàbí" tí ẹ ń rí lábẹ́ orúkọ ilé iṣẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti kú sí.

Mo wá pinnu pé ìfẹ́ ni mo máa fi ṣe é. "Ọmọ ìyá yín ni wá." Bàrísítà lọ́ra díẹ̀, ṣùgbọ́n àánú mi ṣe é, ó ní kí a tẹ díẹ̀ sára fáìlì tí wọ́n ń kó ìwé oníbàárà sí. Bàbá arúgbó kan ló kọ́kọ́ gbà nínú rẹ̀. Wọ́n bá a ṣe ìwé ilẹ̀ tó rà, wọ́n dárúkọ owó, ó sì gbé fáìlì sókè: "Ṣé ọmọ ìyá a máa gbowó lọ́wọ́ ọmọ ìyá rẹ̀ ni?" Kò bínú o, ó ń béèrè tọkàntọkàn. Ọ̀rọ̀ yẹn kò tíì tán nílẹ̀ nígbà tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tí wọ́n ń jà sí ilé bàbá wọn fi wọlé ní ọjọ́ kan náà, oníkálùkù pẹ̀lú fáìlì tirẹ̀, tí àwọn méjèèjì sì fẹ́ kí Bàrísítà gba ẹjọ́ àwọn rò. Lọ́yà kan kò lè dúró fún ẹ̀yìn àti iwájú nínú ẹjọ́ kan ṣoṣo. Ẹ̀gbọ́n ti sọ àṣírí ọ̀rọ̀ náà fún Bàrísítà lórí fóònù lálẹ́ àná, nítorí náà kò tún lè gba ti àbúrò. Àbúrò tọ́ka sí fáìlì, ó ní, "Bẹ́ẹ̀ àwa méjèèjì la jẹ́ ọmọ ìyá kan náà!" Mo gba ẹ̀yìnkùlé jáde.

Bàbá ló gbà mí. Ó ní kí n yé kọ̀wé, kí n wá jókòó lórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú àwọn oníbàárà, kí n sì panu mọ́. Mo jókòó. Mo ti rò pé wọn yóò máa béèrè bóyá Bàrísítà mọ iṣẹ́, bóyá ó ń borí. Kò sẹ́ni tó béèrè bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n ń bi Bàbá ni: "Kí ni wọ́n ṣe ní kóòtù lánàá?" "Wọ́n sún un sí ìgbà wo?" "Ṣé kí n wá, àbí kí n má wulẹ̀ wá?" Ìyá kan tó ń ta aṣọ ní Gbági sọ tirẹ̀ fún mi. Lọ́yà tó ní tẹ́lẹ̀ gbowó, kò sì yọjú sí kóòtù mọ́, adájọ́ da ẹjọ́ náà nù. Ìyá yìí kò mọ̀ títí tí wọ́n fi ń já yanrìn sórí ilẹ̀ rẹ̀. Ó ní, "Bí wọ́n bá sọ fún mi pé mo jẹ̀bi, màá sunkún, màá sì sùn. Àìmọ̀ ni kò jẹ́ kí n rí oorun sùn."

Mo sáré wọlé lọ kọ ọ́: "A ń gbé fóònù yín." Ẹ wo bí mo ṣe ń fi ẹnu ara mi ko wàhálà. Fóònù lọ́yà ní láti wà ní pípa nínú kóòtù, inú kóòtù ni lọ́yà sì ń lo òwúrọ̀ rẹ̀. Ìlérí tí a kò lè mú ṣẹ láàárín aago mẹ́sàn-án sí ọ̀sán ni mo ṣe. Oníbàárà kan tó ti gbọ́ ọ tún pe Bàrísítà láàárín òru láti wò ó bóyá òótọ́ ni wọ́n ń gbé e.

Gbólóhùn tó dúró níkẹyìn nìyí: "Ẹ ó máa mọ ibi tí ẹjọ́ yín dé." Ẹ wò ó, kò yin lọ́yà, kò bú lọ́yà mìíràn, oníbàárà ló ń sọ nípa rẹ̀. Ibi tí ẹjọ́ dé, Bàrísítà mọ̀ ọ́n. Ibi tí yóò parí sí, adájọ́ nìkan ló mọ̀, a kò sì fẹnu kàn án. Bí wọ́n bá sì yẹ̀ é, oníbàárà yóò mọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.

Ìdí nìyẹn tí Bàrísítà kò fi jẹ́ kí n tẹ̀ ẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ó ní ta ni yóò máa ṣe é? Wọ́n kọ́kọ́ fi dánra wò ní ìdákẹ́jẹ́. Bí àbúrò bá ti kóòtù dé, ó ń kọ ọ́ sínú ìwé ńlá kan: ẹjọ́ ta ni, kí ló ṣẹlẹ̀, ọjọ́ wo ló kàn, kí ni oníbàárà gbọ́dọ̀ mú wá. Kí Bàbá tó ti ọ́fíìsì, yóò fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́. Mo rí èyí tó fi ránṣẹ́ sí ìyá Gbági: "Adájọ́ kò jókòó lónìí. Wọ́n sún ẹjọ́ sí ọjọ́ kejìlá oṣù tó ń bọ̀. Ẹ kò ní san nǹkan kan. Ẹ bá wa wá rìsíìtì ilẹ̀ ti àtijọ́." Ọjọ́ tí kóòtù kò bá jókòó ló le jù láti ránṣẹ́, nítorí ó dà bí ẹni pé kò sí ìròyìn. Bẹ́ẹ̀, ọjọ́ yẹn gan-an ni oníbàárà ń rò pé wọ́n ti gbàgbé òun. Ìgbà tí èyí ti mọ́ wọn lára ni wọ́n tó tẹ gbólóhùn náà sára fáìlì àti sórí ojú ewé wọn lórí ẹ̀rọ ayélujára. Pátákó ẹnu ọ̀nà kò ní ju orúkọ àti oyè lọ, lẹ́tà dúdú lórí funfun. Kìnnìún tèmi ti di ilẹ̀kùn ilé adìẹ aládùúgbò mi.

Ẹ̀yin lọ́yà tí ẹ bá fẹ́ gbé irú iṣẹ́ yìí fún mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi bí ẹ ṣe mọ òfin tó. Ẹ wá àyè fún mi lórí bẹ́ǹṣì, kí ẹ sì sọ fún akọ̀wé yín pé kó má tíì lé mi.